Ohun Tó Wà Nínú Àpò Kìírẹ̀ẹ́

Kí ó tó bu omi sórí aṣọ kankan, àpò ni obìnrin yìí máa ń kọ́kọ́ tú. Á ti ọwọ́ bọ àpò àyà, á ti ọwọ́ bọ ti ìbàdí, á fa inú wọn síta bí ẹni ń fa ìfun ẹja, á sì gbọn eruku wọn dànù. Ó ní aṣọ tí a kò wo àpò rẹ̀ kí a tó rì í sómi, ìjọ̀ngbọ̀n ni a rì sómi. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ojúlé fi ń pè é ní Ìyá Àpò. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Ẹ̀yìn ilé kan ló ti ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀, ó di ọdún mọ́kànlélógún. Okùn aṣọ mẹ́fà ló ta láti ògiri kan dé èkejì. Àwọn bàsíà tò sábẹ́ wọn, ti ọṣẹ lọ́tọ̀, ti omi ìṣanṣẹ́ lọ́tọ̀, ti búlúù àti ti sítáàṣì lọ́tọ̀, a kò sì gbọdọ̀ ṣi ọ̀kan gbé fún èkejì lójú rẹ̀. Lábẹ́ páànù ni tábìlì ìlọṣọ wà pẹ̀lú aáyọ́ọ̀nù méjì, ọ̀kan ti iná mànàmáná, ọ̀kan ti èédú fún ọjọ́ tí iná bá lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti hun jọ bí ewé tó pẹ́ nínú omi.

Kò kàwé, ṣùgbọ́n òwú ni ìwé tirẹ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀, tí Ìyá Àpò máa ń rán sí abẹ́ kọ́là aṣọ rẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Aláwọ̀ ewé ni ti tíṣà, dúdú ni ti awakọ̀, pupa ni ti àbúrò rẹ̀. Agolo mílíìkì ló tò sórí pẹpẹ lẹ́yìn tábìlì, ó sì fi òwú kan náà so ọrùn agolo kọ̀ọ̀kan. Ohunkóhun tó bá rí nínú àpò, inú agolo onítọ̀hún ló ń lọ, yálà bọ́tìnì ni o, kọ́kọ́rọ́ ni o, tàbí ewé bébà. Ó bá eyín àtọwọ́dá lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ni í sì ti fi ọjọ́ mẹ́ta bá aya rẹ̀ jà pé ó gbé e pamọ́ kí òun má baà jẹran. Ọjọ́ tí aṣọ bá ń padà lọ, ohun inú agolo náà ń bá a lọ, a ó dì í sínú ọ̀rá, a ó fi sórí aṣọ, a kò ní sọ nǹkan kan.

Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri ọgbà náà máa ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ìyá Àpò, ṣé ẹ kì í tiẹ̀ wo nǹkan wọ̀nyẹn ni?"

"Mo ń wò ó kí n má baà sọ ọ́ nù. N kì í wò ó kí n lè mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa, ta ló wá ni eyín ọjọ́sí?"

"Àpò kì í sọ̀rọ̀, Télọ̀. Ẹ lọ rán bùbá olóbùbá."

Kì í ṣe ìwà rere lásán ló sọ ọ́ di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ní ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó bá lẹ́tà kan nínú ṣòkòtò ọkọ ẹnìkan. Kò lè kà á, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ń ta sánsán lọ́fínńdà, ó sì rò pé ire lòun ń ṣe nígbà tó fà á lé ìyàwó lọ́wọ́. Àfi ìgbà tí ìyàwó kó ẹrù jáde tán kí wọ́n tó rí i pé àbúrò ọkọ náà lóbìnrin ló kọ ọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, ìyàwó padà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò tún rẹ́rìn-ín pọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àpò ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹnu ara rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ni àwọn èèyàn gbà láyè láti wọ àpò àwọn, wọn kò gba ẹnu òun láyè.

Ó wá ku àbúrò rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò yìí wà nígbà tí ìyá wọn kú, Ìyá Àpò sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Òun ló tọ́ ọ, òun ló sin ín lọ sílé ìwé, òun ló gbé ìyàwó fún un. Ọkùnrin náà di aláàárù ní ilé ìkósìmẹ́ǹtì sí, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ẹrù láràárọ̀. Ibi tí àwọn yòókù ti ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan, méjì ni tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá jókòó láti sinmi, òun á ṣì wà lórí pákó, á máa lọ, á máa bọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Kìírẹ̀ẹ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju orúkọ ìsàmì lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ló máa ń kó aṣọ wá, ṣáká ni ohùn rẹ̀ sì máa ń jáde láti ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí mi, aláṣọ yín ti dé o!"

"Aláṣọ àbí onísìmẹ́ǹtì? Ṣé o wọ èyí ni, àbí o fi mọ ilé?"

"Ẹ ṣáà bá mi fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé funfun ni."

"Èmi ni mo rà á fún ọ. Búlúù ni."

Wọn á jọ rẹ́rìn-ín, Kìírẹ̀ẹ́ á jókòó sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, á máa sọ ìròyìn ilé iṣẹ́ fún un. Kò sí wákàtí tó dùn mọ́ obìnrin náà nínú ju èyí lọ nínú ọ̀sẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá káàdì oògùn nínú àpò rẹ̀, èyí olóhóró mẹ́wàá tí wọ́n fi bébà dídán bò lẹ́yìn. Kò yà á lẹ́nu. Ó mọ̀ pé àpò sìmẹ́ǹtì kan ti já lé àbúrò òun lẹ́yìn rí, ta ló sì ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kì í lo oògùn ara ríro? Ó ń fi ọwọ́ na káàdì náà kó tẹ́jú, ó ń kó o sínú agolo olówùú pupa, ó sì ń dá a padà. Ní ọjọ́ kan, káàdì méjì sá mọ́ ọn lójú, wọ́n bọ́ sómi. Ó tú àwọn hóró náà sórí abọ́ pẹlẹbẹ, ó fi àwọ̀n bò wọ́n nítorí eṣinṣin, ó sá wọn sí òòrùn títí wọ́n fi gbẹ.

"Oògùn ẹ̀yìn rẹ rèé. Omi kàn án díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sá a fún ọ."

Kìírẹ̀ẹ́ wò ó títí, bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan. "Ẹ ṣé, Àǹtí mi," ló wá sọ. "Ẹ máa pẹ́ fún mi."

Káàdì ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àbààwọ́n kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní àpò ìbàdí, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ó ń rùn bí àdídùn àti oògùn pa pọ̀. Kí Ìyá Àpò tó dé ìdí apẹ̀rẹ̀, èèrà ti débẹ̀. Ó tún ń bá ìdérí ìgò kékeré nínú àpò kan náà. Àbààwọ́n yẹn le, ṣùgbọ́n ó rí ọgbọ́n rẹ̀ dá: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ọṣẹ tó kàn án. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ́ Télọ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn náà wà tí ojú rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ kò gbà wọlé. Kìírẹ̀ẹ́ ń họ imú àti apá bí ẹni tí yànmùyánmú jẹ. Kì í lè jẹun tán mọ́. Á máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, orí rẹ̀ á sì tẹ̀ kọ́, á sùn sórí àga kékeré, ọ̀rọ̀ á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá jí láìsí nǹkan nínú àpò, imú rẹ̀ á máa ṣomi, á máa yán, á máa láàgùn, á sì máa kanra mọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan. "Iṣẹ́ ń pa àbúrò mi," ni Ìyá Àpò ń wí. Á fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó sùn sí, á sì máa fọṣọ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí omi má baà dún.

Ní Sátidé kan nínú oṣù òjò, Kìírẹ̀ẹ́ dé pẹ̀lú àpò aṣọ, kò sì kí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni àwọn já kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, pé ara òun kàn ń gbọ̀n díẹ̀ ni. Ó jókòó. Ìyá Àpò ti ń tú àpò rẹ̀. Ó bá káàdì mẹ́ta, gbogbo hóró wọn ti tán, àti ìdérí ìgò kan. Ó ń nà wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tẹ́jú ni ó gbọ́ tí bàsíà dojú dé.

Kìírẹ̀ẹ́ ti ṣubú sínú omi ọṣẹ. Eyín rẹ̀ pàdé, ojú rẹ̀ yí sókè, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já. Ìyá Àpò ká ohun ọwọ́ rẹ̀ sí etí ìró, ó ta á ní kókó láìmọ̀, ó sì ké.

Télọ̀ fo ògiri wọlé. "Wárápá ni! Ẹ bá mi wá ṣíbí, kó má baà gé ahọ́n rẹ̀ jẹ!"

"Ẹ má ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu!" Ìyá Àpò ti gbé orí àbúrò rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó ti ká aṣọ ìdọ̀tí sábẹ́ rẹ̀, ó sì ń ti gbogbo bàsíà sẹ́yìn. Nígbà tí jíjà náà rọlẹ̀, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ tó máa ń ní gìrì rí kò ní gbàgbé. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Télọ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀.

Yàrá pàjáwìrì kékeré kan ni ilé ìwòsàn náà ní fún irú wọn: bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, àgbá afẹ́fẹ́ kan, aago ńlá lára ògiri. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin onígíláàsì tí ẹnu rẹ̀ mú. Ó ti gé bọ́tìnì aṣọ Kìírẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó jókòó.

"Kí ló ń lò?"

Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé ni, oyún oṣù mẹ́fà wà níwájú rẹ̀. "Kò lo nǹkan kan, Mà. Fítámì nìkan, fún agbára."

"Fítámì wo?"

"Ó ṣáà ní fítámì ni."

"Wárápá ni, Nọ́ọ̀sì," ni Télọ̀ wí. "Mo fojú ara mi rí i."

"Ẹ̀yin télọ̀, ṣé mo máa ń wá bá yín gé aṣọ ni?" Nọ́ọ̀sì ti tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú Kìírẹ̀ẹ́. Ó wo ọmọlójú rẹ̀, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé e láyà, ó ń wo aago, ètè rẹ̀ ń kà. Nígbà tó gbójú sókè, àwàdà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mẹ́sàn-án ló mí ní ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kó ju méjìlá lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ó bá jẹ́ wárápá, oògùn wà tí a ń fún un kó má baà tún gbé e, oògùn oorun ni. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ti wà lára rẹ̀ tó ń pa èémí rẹ̀ kú lọ, tí mo wá kó oorun lé oorun, èémí náà lè dúró mọ́ mi lọ́wọ́. N kò lè fi ojú mọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan, kó sọ ọ́ nísinsìnyí."

Ìyá Àpò bá ọwọ́ ara rẹ̀ lórí kókó tó wà ní etí ìró rẹ̀. Ìgbà náà ló tó rántí pé àwọn káàdì náà wà níbẹ̀.

Kìírẹ̀ẹ́ la ojú díẹ̀. Kò mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n ó mọ kókó yẹn, ó sì mọ ẹni tó ta á. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Àǹtí mi... àpò kì í sọ̀rọ̀."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó fi ń sọ gbólóhùn yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ sí i lójú rí. Ó rí ìyàwó lẹ́tà tó ń kó ẹrù jáde. Ó rí ìyàwó Kìírẹ̀ẹ́ yìí pẹ̀lú oyún níwájú. Ó ro ti ọ̀gá ilé ìkósìmẹ́ǹtì sí, ó ro ti ẹnu àwọn aláàárù. Ó sì wo àyà àbúrò rẹ̀. Àyà náà gbéra sókè, ó rọlẹ̀, ó wá dúró níbẹ̀ fún ìgbà tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ kó tó tún gbéra.

Ó tú kókó náà. Ó tẹ́ káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì Nọ́ọ̀sì, ó to ìdérí ìgò tì wọ́n, ó tò wọ́n gún régé bó ṣe ń to aṣọ.

"Inú àpò rẹ̀ ni. Ti àárọ̀ yìí ni. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń bá a níbẹ̀. Ìgò oògùn ikọ́ náà wà ńbẹ̀, mo mọ àbààwọ́n rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì yí káàdì kan síbi ìmọ́lẹ̀. "Tramadol. Igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mìlígíráàmù." Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àádọ́ta ni a máa ń fún un, bóyá ọgọ́rùn-ún. Hóró kan nínú èyí ju ìlọ́po mẹ́rin àádọ́ta lọ. Òun ló gbé e ṣánlẹ̀: bó bá ti pọ̀ jù, ó máa ń fa gìrì. Kodíìnì inú oògùn ikọ́ ló sì wá ń bá a fa èémí rẹ̀ sílẹ̀." Ó ti pe dókítà, ó ti fi ìbòmú afẹ́fẹ́ bo imú Kìírẹ̀ẹ́, ó sì gbé abẹ́rẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní abẹ́rẹ́ náà ń já irú oògùn wọ̀nyí kúrò lórí èémí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú tramadol ó lè pe gìrì padà, nítorí náà àwọn á ṣọ́ ọ ná. Bí èémí bá tún rẹlẹ̀ sí i, àwọn á gún un.

Wọ́n ṣọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ kò kó ẹrù kankan. Orí káàdì òfìfo náà ni ó gbé ojú lé. "Fítámì," ló ń wí lábẹ́ ẹnu. "Ó sọ pé fítámì ni." Ìyá Àpò fà á mọ́ra. Nígbà tí aago kọjá ọ̀sán, mímí náà ti di mẹ́rìnlá, abẹ́rẹ́ náà sì wà níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ìgbà náà ni Ìyá Àpò tó lè sọ èyí tó kù. "Nọ́ọ̀sì, omi kàn án nígbà kan. Mo sá a sí òòrùn fún un. Mo fi àwọ̀n bò ó."

Nọ́ọ̀sì yọ gíláàsì rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ jókòó. Láàárín oṣù yìí nìkan, wọ́n ti gbé awakọ̀ méjì wá, wọ́n gbé akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tó po oògùn ikọ́ mọ́ mínírà, wọ́n gbé ẹni tó ń ta bàtà. Gbogbo wọn, 'wárápá ni', 'àárẹ̀ ni', 'ayé ló ń ṣe é'. Kò sí ẹbí kan tó mú káàdì wá. Ìtìjú ni wọ́n ń mú wá, n kò sì lè fi ìtìjú ṣe ìwòsàn. Oògùn yìí kì í ṣe oògùn burúkú. Mo máa ń fi í pa ẹkún ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Nítorí pé ó dára ni wọ́n ṣe ń tà á lábẹ́ agboòrùn, láìwọ̀n, láìbéèrè, ibi tí wọ́n tiẹ̀ ti ṣe é kò yé wa. Ó ń mú ìrora lọ, ó ń mú àárẹ̀ lọ, ara á wá kọ́ ọ bí ẹni kọ́ èdè. Ohun tí ọ̀kan ń ṣe lánàá, méjì ni yóò ṣe é lọ́la."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń dùn ún," ni Ìyá Àpò wí.

"Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, Ìyá. Ẹ̀yìn, tàbí iṣẹ́ tó pọ̀, tàbí ìbànújẹ́."

Kìírẹ̀ẹ́ lo ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ló burú jù. Imú rẹ̀ ń ṣàn, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ara rẹ̀ hù bí ara adìyẹ tí a tu, egungun ń ro ó débi pé kò rí ẹ̀gbẹ́ tí yóò fi sùn. Wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń mú un rọ̀, ṣùgbọ́n kì í mú un lọ tán. Àárọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àpò ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ, ó ń kó èyí tó ti lọ̀ wá. Kìírẹ̀ẹ́ á kọjú sí ògiri.

"Ẹ tú mi láṣìírí lójú ìyàwó mi," ló sọ lọ́jọ́ kẹta, ògiri ló sì sọ ọ́ fún.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Gbé ìdí sókè kí n fa aṣọ yìí."

"Ẹ fi mí ṣẹ̀sín lójú Télọ̀."

"Télọ̀ fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Òun ló yẹ ká fi ṣẹ̀sín. Apá kejì."

Lọ́jọ́ kẹfà, Ìyá Àpò bá a tó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ń fi omi nù ún lẹ́sẹ̀. Kò kọjú sí ògiri mọ́. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fa igun aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń fi ọwọ́ nà án bí ẹni ń na káàdì.

"Àǹtí mi, wọ́n ń pè mí ní Kìírẹ̀ẹ́."

"Mo gbọ́."

"Ó rẹ̀ mí." Ẹkún gbà á. "Láti ọjọ́ tí àpò sìmẹ́ǹtì yẹn ti já lé mi ló ti rẹ̀ mí. Mo kàn ń gbé e pamọ́ ni."

Ìyá Àpò fi etí ìró nu imú rẹ̀, bó ṣe ń nù ún fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. "Tó bá rẹ̀ ọ́, sinmi. Ṣé ìwọ nìkan ni sìmẹ́ǹtì ń dúró dè láyé?"

Dókítà kò gbà kó já oògùn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní àkàbà ni èèyàn ń bá sọ̀kalẹ̀ níbi gíga bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fò, á padà gùn ún. Ilé ìwòsàn ni yóò máa fún un ní ojúlówó oògùn náà, ìwọ̀n kékeré, yóò sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Wọn kò fún Kìírẹ̀ẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oògùn ikọ́ ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ fojú kàn mọ́ rárá. Nọ́ọ̀sì sì fa Ìyá Àpò sẹ́yìn, ó sọ èyí kejì fún un: "Bó bá fi lè padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀, ìyẹn ló lè pa á. Kò ní fún yín láyè láti dé ọ̀dọ̀ mi."

Bí ó ṣe yí iṣẹ́ rẹ̀ padà nìyẹn. Obìnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlélógún yọ nǹkan nínú àpò bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan sí i. Ní àràárọ̀, á mú ẹ̀wù kan tó ti lọ̀, á ká oògùn ọjọ́ náà sínú bébà kékeré, á fi sí àpò àyà. Kìírẹ̀ẹ́ á wá, á gbé ẹ̀wù wọ̀, á yọ bébà, á lò ó lójú rẹ̀ pẹ̀lú omi, á sì jókòó sórí àga kékeré. Kò padà sídìí pákó. Ọ̀gá rẹ̀ fi í sí ẹnu ọ̀nà, kó máa ṣàkíyèsí iye àpò tó ń jáde. Àwọn aláàárù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Kìírẹ̀ẹ́ ti di akọ̀wé. Ó ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀yìn wọn á pè wọ́n lọ́jọ́ kan.

Kò lọ tààrà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ìyá Àpò bá káàdì nínú ṣòkòtò rẹ̀, hóró méjì ti kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí agolo olówùú pupa, nítorí ohun tó ti mọ́ ọwọ́ lára. Ó dúró. Ó mú káàdì náà lọ bá a níbi tó ti ń fún aṣọ.

"Kí lèyí?"

Kìírẹ̀ẹ́ wò ó. Omi ń kán sílẹ̀ láti ara aṣọ ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀kan lánàá. Ọ̀kan ní ìjẹta. Ọmọ ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

"O fẹ́ kí n rí i?"

"Mo mọ̀ pé ẹ ó tú àpò. Ta ni kò mọ̀?"

Wọ́n jọ lọ bá Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ náà, Kìírẹ̀ẹ́ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì bá a wí, ó tún ìwọ̀n ṣe, ó sì fi àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọkùnrin mìíràn tó ń wá jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́rú láti sọ ti ẹ̀yìn wọn.

Agolo ṣì wà lórí pẹpẹ. Ìyá Àpò kì í sọ ohun tó wà nínú àpò tíṣà fún awakọ̀, kò sì ní sọ ọ́ láé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbààwọ́n àdídùn kan hàn ní àpò ẹnìkan tí n kò ní dárúkọ òwú rẹ̀, kò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ọ́ kó sì fi ṣe ọgbọ́n. Ó dúró de ẹni náà, ó mú un lọ sẹ́yìn aṣọ tó ń gbẹ, ó bi í léèrè fúnra rẹ̀, lóhùn jẹ́jẹ́. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, aṣọ tútù nìkan ló gbọ́ ọ.

Sátidé kan, lẹ́yìn tí ìyàwó ti bí ọmọbìnrin tó jọ ìyá wọn tó ti kú, Kìírẹ̀ẹ́ gbé ẹ̀wù ọjọ́ náà wọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà. Ó wá a dé ìsàlẹ̀, ó fa inú rẹ̀ síta.

"Àǹtí mi, kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Àná ló tán."

Ó dúró pẹ̀lú àpò tó kọ síta ní àyà rẹ̀ bí ahọ́n. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú àpò aṣọ ìdọ̀tí tó kó wá. Gbogbo àpò ṣòkòtò, gbogbo àpò ẹ̀wù, ó ti fa inú wọn síta láti ilé, wọ́n là sílẹ̀ bí etí ewúrẹ́.

"Mo bá yín ṣe é. Kẹ́ ẹ lè sinmi díẹ̀."

"O ṣeun," ni Ìyá Àpò wí. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàsíà, ó mú ṣòkòtò àkọ́kọ́, ó dá àpò rẹ̀ padà sínú, ó sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó tó bu omi sí i.

"Ẹ̀yin yìí! Ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Bá mi gbé ọṣẹ wá, ìwọ tó ń sinmi."